Ínfọ́ìsì sí oníbàárà Lọ́ńdọ̀nù: réètì ọjọ́ wo, ta ló sì ni ṣáàjì báǹkì?

Olùtúmọ̀ Bódìjà (Ajé, 8:40 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ohùn àwọn àgbà kan tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fún mi, pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí n sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Náírà la fi dúnàá-dúrà, torí náírà ni èmi náà ń san fáwọn tó ń bá mi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn ni wọ́n máa san, sínú akáǹtì dọ́ọ̀mù mi. Gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́ ₦2,400,000. Mo yí àwọn iye tí mo kọ síbí padà díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ oníbàárà náà.

Gẹ̀ẹ́sì ni ínfọ́ìsì tó lọ sọ́dọ̀ wọn, ohun tí mo kọ síbẹ̀ nìyí:

"Àpapọ̀: ₦2,400,000, tí ẹ ó san ní pọ́n-ùn. Réètì: ti Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà. Owó ìfiránṣẹ́: oníbàárà ni yóò san án. Kí ẹ san án láàárín ọgbọ̀n ọjọ́."

Lọ́jọ́ tí mo kọ ínfọ́ìsì náà, ₦2,000 ni pọ́n-ùn kan, nítorí náà £1,200 ni mò ń retí. Ó ku ọjọ́ méjì kí ọgbọ̀n ọjọ́ pé ni wọ́n tó san án. Réètì ti di ₦2,080, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ sí £1,153.85. Nígbà tó máa dé, £1,131.85 ni mo bá nínú akáǹtì.

Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní réètì ọjọ́ tí àwọn sanwó làwọn lò, pé mi ò sọ pé kí wọ́n lo ti ọjọ́ mìíràn. Lórí owó ìfiránṣẹ́, wọ́n ní àwọn san án, wọ́n sì fi rìsíìtì £15 tí báǹkì wọn gbà lọ́wọ́ wọn ránṣẹ́ sí mi. Kò sí ìjà láàárín wa o. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, iṣẹ́ mìíràn sì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Kí ni kí n kọ sórí ínfọ́ìsì ti ọ̀tẹ̀ yìí?

Jìbádé Wẹ́ẹ̀bù (Ajé, 9:05 àárọ̀)

Bọ̀dá, OUR ni kẹ́ ẹ kọ sí i. Lẹ́tà mẹ́ta péré. OUR túmọ̀ sí pé ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ ló ru gbogbo ṣáàjì. Ó parí.

Ìyá Ìbejì Ọ̀tà (Ajé, 9:31 àárọ̀)

Ẹ kú ìnáwó o. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà náà ti bá irú èyí pàdé. Tó bá fi owó ránṣẹ́ fún mi láti báǹkì, wọ́n á yọ lára rẹ̀ lọ́nà. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ápùù orí fóònù, iye tó bá ní òun rán ló ń wọlé sí mi, ní náírà, lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní kí àwọn òyìnbó yẹn lo ápùù, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ báǹkì sílẹ̀.

Olùtúmọ̀ Bódìjà (Ajé, 9:48 àárọ̀)

Ẹ ṣeun, Mà. Ti ọmọ sí ìyá nìyẹn, ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ni èyí, wọ́n ní akọ̀wé owó àti olùyẹ̀wò ìwé, báǹkì wọn nìkan ni wọ́n gbà láti lò. Pọ́n-ùn ni mo sì fẹ́ kó wọlé, kì í ṣe náírà.

Báǹkì Tẹ́lẹ̀ (Ajé, 11:20 àárọ̀)

Ẹ̀ka owó ilẹ̀ òkèèrè ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ẹjọ́ yìí ló ń kún tábìlì wa. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ṣáàjì nìkan ná, n óò padà wá sórí réètì.

Jìbádé, ìdajì ọ̀rọ̀ lo sọ. OUR wà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń gba owó kọ́ ló ń yàn án. Akọ̀wé tó jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń yàn án lójú fọ́ọ̀mù báǹkì tirẹ̀, láàárín OUR, SHA tó pín ṣáàjì láàárín ẹni tó rán owó àti ẹni tó gbà á, àti BEN tó di gbogbo rẹ̀ lé ẹni tó ń gba owó lórí. Tí kò bá fọwọ́ kan ibẹ̀, SHA ló sábà máa ń wà. Báǹkì rẹ̀ kì í ka ínfọ́ìsì rẹ, fọ́ọ̀mù nìkan ló ń rí.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ gan-an nìyí. "Owó ìfiránṣẹ́" tí Bọ̀dá kọ kì í ṣe owó kan ṣoṣo, ọwọ́ mẹ́ta ló ti ń jáde. Báǹkì oníbàárà ń gba tirẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, £15 tí ẹ rí lórí rìsíìtì nìyẹn. Báǹkì tó wà láàárín ń gba tirẹ̀, nítorí báǹkì Lọ́ńdọ̀nù sábà máa ń gba ọwọ́ báǹkì mìíràn kọjá kó tó dé Èkó. Báǹkì tiyín náà lè gba tirẹ̀ kó tó fi ìyókù sí akáǹtì. Nígbà tí oníbàárà ka "oníbàárà ni yóò san án", ti báǹkì tirẹ̀ nìkan ló rò, ó sì san án. Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yin náà sì rò pé ẹ ti di gbogbo rẹ̀ lé e lórí.

Fún ìdí yìí, ẹ má kọ ẹni tó ni ṣáàjì nìkan. Ẹ kọ iye tó gbọ́dọ̀ dé. "Kí £1,200 dé ní pípé láìsí ìyọkúrò, iye tó bá dín ṣì wà lọ́rùn oníbàárà títí yóò fi san án." Lẹ́yìn ìyẹn lẹ lè wá fi OUR kún un, kí akọ̀wé lè mọ èyí tí yóò tẹ̀ lójú fọ́ọ̀mù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó mú £22 yẹn, ẹ bẹ oníbàárà kó gba MT103, ìyẹn ìwé tí báǹkì kan fi ń sọ fún èkejì bí owó ṣe rìn, lọ́wọ́ báǹkì rẹ̀, kí ẹ̀yin náà sì béèrè ẹ̀dà èyí tó dé ọ̀dọ̀ báǹkì tiyín. Irú ohun tí ẹ ó rí lórí èyí tó dé ọ̀dọ̀ tiyín nìyí, mo fi iye tiyín sí i bí àpẹẹrẹ:

```
:32A:250612GBP1131,85
:33B:GBP1153,85
:71A:SHA
:71F:GBP0,00
:71F:GBP22,00
```

33B ni iye tí oníbàárà ní kí wọ́n rán. 32A ni iye tó kù nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà báǹkì tiyín, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. 71A ni irú ṣáàjì tí wọ́n yàn. 71F ń sọ ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan yọ lọ́nà. Tí 33B bá ju 32A lọ, ojú ọ̀nà ni owó ti sọnù. Tí 32A bá pé ṣùgbọ́n tí ohun tó wọ akáǹtì yín dín, ilé ni ẹ ti máa wádìí, ẹ má lọ dá oníbàárà lẹ́bi.

Jìbádé Wẹ́ẹ̀bù (Ajé, 11:52 àárọ̀)

Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Mi ò mọ̀ pé ọ̀nà wà láti rí ẹni tó yọ ọ́. Tí wọ́n bá wá tẹ OUR lóòótọ́ ńkọ́, ṣé kò ní sí ìyọkúrò kankan mọ́?

Àbẹ̀kẹ́ Ayàwòrán (Ajé, 12:34 ọ̀sán)

Rárá o, kò dájú. Dọ́là lèmi ń gbà láti Amẹ́ríkà. Oníbàárà mi kan tẹ OUR, mo rí i lójú ìwé, síbẹ̀ $20 fò lọ lórí owó náà. Báǹkì rẹ̀ ní òun kọ́ ló mú un.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣáàjì ló ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ Bọ̀dá, réètì ni. Ẹ gé ọ̀rọ̀ náà kúrú: ẹ fi pọ́n-ùn dúnàá-dúrà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ pé £1,200 ni iṣẹ́, kí £1,200 wà nínú àdéhùn, kó wà lórí ínfọ́ìsì. Kò sí ohun tó ń jẹ́ réètì ọjọ́ wo mọ́. Ẹni tí kò bá da owó méjì pọ̀ kò nílò réètì rárá.

Báǹkì Tẹ́lẹ̀ (Ajé, 12:50 ọ̀sán)

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Dọ́là tó bá gba Amẹ́ríkà kọjá, báǹkì àárín níbẹ̀ lè yọ tirẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ tẹ OUR. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọ̀rọ̀ "iye tó gbọ́dọ̀ dé" ṣáájú, kí OUR tẹ̀ lé e. OUR ń dín ìṣòro kù. Gbólóhùn yẹn ló ń sọ ẹni tó jẹ gbèsè bí ìṣòro bá ṣẹlẹ̀.

Mo tún fara mọ́ ọn pé kí owó jẹ́ ẹyọ kan. Ó dára jù níbi tó bá ṣeé ṣe.

Olùtúmọ̀ Bódìjà (Ajé, 1:15 ọ̀sán)

Kò ṣeé ṣe pátápátá fún mi ni. Àwọn mẹ́rin ló ń bá mi gbọ́ ohùn yẹn, náírà ni mo sì ti bá wọn sọ. Bí mo bá sọ £1,200 tí náírà wá lágbára, èmi ni màá fi tèmi dí i fún wọn.

Àbẹ̀kẹ́ Ayàwòrán (Ajé, 1:22 ọ̀sán)

Ìgbà wo ni náírà lágbára gbẹ̀yìn?

Adéògún Ìlọrin (Ajé, 2:40 ọ̀sán)

Àǹtí, ó ṣẹlẹ̀ ní 2024. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, dọ́là kan ń lọ ní nǹkan bí ₦1,600 lójà ìjọba. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù Kẹrin, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ₦1,150. Ẹni tó gba iṣẹ́ $1,000 ní oṣù Kẹta, tó sì ṣèlérí ₦1,600,000 fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí owó rẹ̀ wá wọlé ní oṣù Kẹrin, nǹkan bí ₦1,150,000 ló rí. ₦450,000 tó kù, inú àpò rẹ̀ ló ti jáde. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún, dọ́là tún ti gòkè. Ọ̀rọ̀ náà kì í dúró síbì kan.

Ti 2023 sì rèé lódìkejì. Ní oṣù Kẹfà, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ da gbogbo fèrèsé pàṣípààrọ̀ pọ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦470 kọjá ₦660 lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ti kọ náírà sórí ínfọ́ìsì tí kò sì kọ ọjọ́ réètì, oníbàárà rẹ̀ lè fi dọ́là tó kéré gan-an san gbèsè yẹn kò sì rú òfin kankan.

Èrò tèmi ni pé ọjọ́ ìsanwó ló yẹ kó jẹ́ ọjọ́ réètì. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti náírà, iye náírà ni Bọ̀dá gbọ́dọ̀ rí, kò gbọ́dọ̀ jẹ èrè lára réètì, kò sì gbọ́dọ̀ pàdánù. Pẹ̀lú réètì ọjọ́ ìsanwó, £1,153.85 tí wọ́n rò ṣì jẹ́ ₦2,400,000 pérépéré. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, réètì ò jẹ Bọ̀dá ní nǹkan kan. £22 nìkan ni wọ́n jẹ ẹ́.

Olùtúmọ̀ Bódìjà (Ajé, 3:02 ọ̀sán)

Hmm. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi náírà tèmi san àwọn òṣìṣẹ́ mi lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, pọ́n-ùn yẹn ni mo fẹ́ fi san owó ẹ̀rọ tí mò ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù sí òkèèrè. £46 tó dín yẹn hàn lójú mi.

Kọ́lá Lẹ́wíṣàm (Ajé, 7:18 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sanwó ni mo wà, akọ̀wé owó ni mí ní ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, irú ínfọ́ìsì báyìí ń dé ọwọ́ mi láti Èkó, Ákrà àti Náíróbì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń rí lọ́dọ̀ tiwa.

Nígbà tí ínfọ́ìsì bá dé, mo gbọ́dọ̀ tẹ iye kan àti owó kan sínú ìwé ìṣirò ní ọjọ́ yẹn, kí ọ̀gá mi tó fọwọ́ sí i. Ínfọ́ìsì tó ní náírà lórí tó sì ní kí n san pọ́n-ùn kò fún mi ní iye yẹn. Èmi ni màá wá réètì fúnra mi, màá sì lo ti ọjọ́ tí mo bá jókòó tì í. Kì í ṣe àrékérekè, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ni. Bí ẹ bá kọ "£1,200 ni ẹ ó san" sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀, £1,200 ni màá tẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Nítorí náà, Ọ̀gbẹ́ni Adéògún, réètì ọjọ́ ìsanwó dára lójú ìdájọ́ òdodo, ṣùgbọ́n kò ṣeé kọ sórí ínfọ́ìsì, torí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí màá sanwó.

Ohun kejì. Lọ́dọ̀ wa, OUR ń ná wa ju SHA lọ, èmi akọ̀wé kò lè yàn án láìjẹ́ pé ó wà nínú àdéhùn. Bí mo bá kọ́kọ́ rí i lórí ínfọ́ìsì lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, ọ̀gá mi á béèrè pé ta ló gbà bẹ́ẹ̀. Ínfọ́ìsì kì í yí àdéhùn padà. Kí Bọ̀dá fi àwọn gbólóhùn wọ̀nyí sínú lẹ́tà tí wọ́n fi gba iṣẹ́, kí oníbàárà fèsì pé òun gbà, kí wọ́n tó tún wọn kọ sórí ínfọ́ìsì.

Ọmọ Kétu (Ajé, 9:10 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ láti Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀rọ̀ réètì yín yà mí lẹ́nu díẹ̀. Faransé ni àwọn oníbàárà mi wà, sẹ́fà la sì ń ná. Yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, bẹ́ẹ̀ ló wà láti 1999, kì í yí padà. Bí mo bá kọ 655,957 sẹ́fà sórí ínfọ́ìsì, €1,000 ni, yálà wọ́n san án lónìí tàbí lọ́dún tó ń bọ̀. N kò kọ ọjọ́ réètì rí.

Ṣáàjì lèmi ń bá jà. Láàárín ara wọn, àwọn ará Yúróòpù ń fi yúrò ránṣẹ́ bí ẹni ń fi ránṣẹ́ nínú ìlú kan, nítorí náà oníbàárà mi rò pé tèmi náà kò ní ṣáàjì. Bẹ̀nẹ̀ kò sí nínú ètò wọn yẹn. Owó máa ń dé, ó máa ń dín. Ohun tí Ọ̀gá kọ nípa "iye tó gbọ́dọ̀ dé" wúlò fún mi gan-an, ọ̀la ni màá tú u sí Faransé.

Báǹkì Tẹ́lẹ̀ (Ìṣẹ́gun, 7:45 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin ará Bẹ̀nẹ̀ sinmi lórí réètì lóòótọ́, bí oníbàárà yín bá jẹ́ ti yúrò. Bó bá jẹ́ ará Amẹ́ríkà ló gbé iṣẹ́ fún yín, dọ́là ń gòkè sọ̀kalẹ̀ sí yúrò, sẹ́fà yín sì so mọ́ yúrò. Ẹ̀yin náà á kọ ọjọ́.

Lórí réètì, mo ti Kọ́lá lẹ́yìn. Kí iye pọ́n-ùn jẹ́ gbèsè, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ínfọ́ìsì, kí náírà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi hàn bí ìṣirò ṣe lọ. Ṣùgbọ́n "réètì Báǹkì Àpapọ̀" tí Bọ̀dá kọ kò tó. Réètì tí wọ́n ń gbé jáde lójú òpó wọn kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí wọ́n fi ń rà wà, èyí tí wọ́n fi ń tà wà, ti àárín náà wà. Lórí owó bíi tiyín, ìyàtọ̀ wọn kéré, àmọ́ bí ẹ bá ti kọ ọ̀kan sílẹ̀ kò sẹ́ni tí yóò bá yín jiyàn. Ti àárín ni kí ẹ mú, kò ṣe ojúsàájú ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ wo? Ẹ má lo réètì ọjọ́ tí ẹ ń kọ ínfọ́ìsì gan-an, nítorí ti ọjọ́ yẹn lè má tíì jáde nígbà tí ẹ jókòó láti kọ ọ́. Ẹ lo ti ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú, kí ẹ kọ déètì rẹ̀. Ínfọ́ìsì Ajé á lo ti Ẹtì. Bí Ìléyá tàbí ọjọ́ Òmìnira bá bọ́ sí i, ẹ ó padà sí ọjọ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn tí wọ́n gbé réètì jáde. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà, ẹ so ó mọ́ ínfọ́ìsì.

Bó bá jẹ́ pé oníbàárà pẹ́ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Adéògún wúlò. Ẹ kọ ọ́ pé iye pọ́n-ùn yìí dúró títí di ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n san án. Bí wọ́n bá kọjá ọjọ́ yẹn, kí wọ́n tún un ṣírò pẹ̀lú réètì ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n sanwó, kí iye tó pọ̀ jù nínú méjèèjì jẹ́ gbèsè. Bí náírà bá rẹlẹ̀, £1,200 ṣì ni. Bí náírà bá lágbára, tí pọ́n-ùn di ₦1,920, ₦2,400,000 á di £1,250, ẹ kò ní pàdánù nítorí pé wọ́n pẹ́.

Adéògún Ìlọrin (Ìṣẹ́gun, 8:30 àárọ̀)

Ọ̀gá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìyẹn tẹ̀ sí apá kan. "Iye tó pọ̀ jù" túmọ̀ sí pé Bọ̀dá kò lè pàdánù láé. Bí èmi bá jẹ́ oníbàárà, mi ò ní fọwọ́ sí i.

Kọ́lá Lẹ́wíṣàm (Ìṣẹ́gun, 12:15 ọ̀sán)

Èmi á fọwọ́ sí i, torí ìgbà tí mo bá pẹ́ nìkan ló ń bá mi wí. Bí ọ̀gá mi kò bá fẹ́ ẹ, ó máa ń mú kó sanwó kíákíá, ohun tí Bọ̀dá sì ń fẹ́ nìyẹn.

Olùtúmọ̀ Bódìjà (Ìṣẹ́gun, 4:05 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ wo ohun tí mo kó jọ. Ti iṣẹ́ tó ń bọ̀ ni, iye náírà rẹ̀ jẹ́ ìkan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, mo sì fi réètì ti àkọ́kọ́ ṣe àpẹẹrẹ:

"Iye tí ẹ ó san: £1,200.00 (GBP). Bí a ṣe ṣírò rẹ̀: ₦2,400,000 pẹ̀lú ₦2,000 fún pọ́n-ùn kan, réètì àárín tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde ní ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ínfọ́ìsì yìí, ẹ̀dà rẹ̀ wà lẹ́yìn. Iye yìí kò ní yí padà bí ẹ bá san án títí di ọjọ́ tó yẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, a ó tún un ṣírò pẹ̀lú réètì àárín ti ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ sanwó, iye pọ́n-ùn tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì la ó lò. Kí ẹ fi GBP ránṣẹ́, kí ẹ yan OUR. £1,200.00 gbọ́dọ̀ wọ akáǹtì mi ní pípé. Ṣáàjì báǹkì èyíkéyìí tó bá dín in kù jẹ́ ti oníbàárà, a ó sì fi kún ínfọ́ìsì tó tẹ̀ lé e."

Kọ́lá Lẹ́wíṣàm (Ìṣẹ́gun, 6:40 ìrọ̀lẹ́)

Ó dára púpọ̀. Ibì kan ni ọ̀gá mi á ti gbé bíírò rẹ̀: "wọ akáǹtì mi". Báǹkì tiyín lè gba ohun tó bá wù ú nígbà tí owó bá ń wọlé, àwa kò mọ̀ ọ́n, a kò bá a ṣe àdéhùn, a kò sì lè rí ìwé rẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ sí owó tí mi ò mọ òpin rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé kí iye náà dé ọ̀dọ̀ báǹkì yín ní pípé. Ohun tí báǹkì yín bá gbà lẹ́yìn ìyẹn, tiyín ni.

Àbẹ̀kẹ́ Ayàwòrán (Ìṣẹ́gun, 6:55 ìrọ̀lẹ́)

Èmi ò gbà. Iṣẹ́ ni mo ṣe, owó iṣẹ́ mi ni kó dé ọwọ́ mi. Mo máa ń kọ "akáǹtì mi" síbẹ̀, kò sì tíì sí oníbàárà tó kọ̀.

Báǹkì Tẹ́lẹ̀ (Ìṣẹ́gun, 8:20 alẹ́)

Àǹtí, oníbàárà tó bá gbà fún yín, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ti Kọ́lá ló ṣeé fi ìwé yanjú. Iye tó dé ọ̀dọ̀ báǹkì wà ní 32A, ojú méjèèjì lè rí i. Ẹ kàn béèrè lọ́wọ́ báǹkì yín ṣáájú pé èló ni wọ́n ń gbà lórí pọ́n-ùn tó wọlé, kí ẹ fi í sínú iye iṣẹ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá, ohun kan kù tí ẹ kò kọ, òun sì ló lè jẹ́ kí £22 yẹn tún lọ. Kí ni ẹ kọ sí ibi àlàyé báǹkì? Akáǹtì pọ́n-ùn yín ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti dọ́là, ọ̀tọ̀ ni ti náírà. Bí pọ́n-ùn bá lọ sí nọ́ńbà akáǹtì dọ́là, wọ́n lè yí i padà pẹ̀lú réètì tí ẹ kò bá wọn sọ, tàbí kí wọ́n dá a padà, tí ṣáàjì á sì ti lọ. Fọ́ọ̀mù Lọ́ńdọ̀nù lè béèrè IBAN, nọ́ńbà akáǹtì gígùn tí àwọn ará Yúróòpù ń lò. Nàìjíríà kì í lo IBAN, nọ́ńbà akáǹtì oní-nọ́ńbà mẹ́wàá àti kóòdù SWIFT ni kí wọ́n fi sí i. Ẹ tún gba orúkọ báǹkì tí báǹkì yín ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù fún pọ́n-ùn, pẹ̀lú kóòdù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ti dọ́là, tó wà ní Níú Yọ́ọ̀kì, sórí ínfọ́ìsì pọ́n-ùn. Owó á yí gba ọ̀nà tí kò yẹ, báǹkì kan sí i á sì gba tirẹ̀.

Olùtúmọ̀ Bódìjà (Ìṣẹ́gun, 9:02 alẹ́)

Ha! Ọ̀gá, ti Níú Yọ́ọ̀kì ló wà lórí ínfọ́ìsì mi. Ìwé kan ṣoṣo ni báǹkì fún mi nígbà tí mo ṣí akáǹtì, òun ni mo ń kọ síbi gbogbo. Ọ̀la ni màá lọ béèrè ti pọ́n-ùn. Mo ti yí "akáǹtì mi" padà sí "báǹkì mi" bí Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá ṣe sọ.

Jìbádé Wẹ́ẹ̀bù (Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀)

Mo wo tèmi lálẹ́ àná. Orí ìwé tí báǹkì fún èmi, 71A kò sí. SHAR ni mo rí níbi tí mo rò pé màá ti rí SHA. Ṣé ohun kan náà ni?

Báǹkì Tẹ́lẹ̀ (Ọjọ́rú, 8:00 àárọ̀)

Ohun kan náà ni. Irú ìwé tuntun tó rọ́pò MT103 láàárín àwọn báǹkì ní oṣù Kọkànlá 2025 ni ìyẹn. SHAR ni SHA, DEBT ni OUR, CRED ni BEN. Bí o bá fẹ́ kí oníbàárà rẹ ru ṣáàjì, DEBT ni kó o rí níbẹ̀ nígbà mìíràn.

Adéògún Ìlọrin (Ọjọ́rú, 8:45 àárọ̀)

Mo ṣì dúró lórí réètì ọjọ́ ìsanwó fún iṣẹ́ tí náírà jẹ́ gbèsè rẹ̀, àgàgà iṣẹ́ tó máa gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin tí wọ́n á sì san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ìdí rẹ̀: bí ẹ bá kọ ínfọ́ìsì mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́rin, réètì mẹ́rin ni ẹ ó ní, tí ìwé àdéhùn kan sì wà pẹ̀lú àpapọ̀ náírà. Nígbà tí ẹ bá parí, àpapọ̀ pọ́n-ùn tí oníbàárà ti fọwọ́ sí lókè lè ti tán kí iṣẹ́ tó tán. Ẹni tó bá ti bá irú iṣẹ́ alábala bẹ́ẹ̀ pàdé, kó sọ fún wa bó ṣe kọ ọ́.